Ọjọ́bọ̀ ni ó ń pinnu: bí a ṣe ń mọ nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ lórí ìlànà àgbáyé, àti ìdí tí ọ̀sẹ̀ kìíní fi lè bẹ̀rẹ̀ nínú ọdún tó ṣáájú

Ẹ jẹ́ kí á mú ilé iṣẹ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń fọ́ kajú, tó ń bó o, tó sì ń kó o ránṣẹ́ sí oníbàárà kan ní ìlú Hambọ́ọ̀gì ní orílẹ̀-èdè Jámánì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, oníbàárà náà kọ̀wé pé òun fẹ́ kí ẹrù dé èbúté Èkó ní `KW 01/2026`. Kò kọ ọjọ́, kò sì dárúkọ oṣù. Lẹ́tà méjì tó ṣíwájú yẹn ni àwọn ará Jámánì fi ń fi hàn pé nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Akọ̀wé ilé iṣẹ́ náà gbójú sókè wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó rí i pé Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ 1 oṣù Kìíní bọ́ sí, ó sì gbà pé ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ọjọ́ rẹ̀ bá wà nínú ọdún tuntun ni ọ̀sẹ̀ kìíní, ìyẹn ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2026.

Bí wọ́n bá fi ìyẹn ṣètò ọkọ̀, ẹrù yóò fi odindi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí oníbàárà ń sọ bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2025, ó sì parí ní Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 2026. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ wà nínú ọdún 2025, síbẹ̀ ọdún 2026 ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́. Nínú ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún tó wà nínú ọ̀sẹ̀ náà, ìsinmi ọdún tuntun gba Ọjọ́bọ̀, ó wá ku mẹ́rin péré fún ọkọ̀ tí yóò gba Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn kọjá kí ó tó dé Èkó. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà yìí yóò ti mọ̀ láti oṣù Kọkànlá pé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ parí ṣáájú Kérésìmesì.

Ìlànà tí oníbàárà náà ń tẹ̀ lé ni `ISO 8601`. Àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìlànà, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jẹ̀nífà, ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1988, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Ó sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà tí a ń gbà kọ ọjọ́ àti wákàtí lónírúurú, ṣùgbọ́n apá tó kan ọ̀sẹ̀ nìkan ni a ó yanjú níbí, nítorí òun ni ó máa ń da àwọn tó ń kọ ìwé ọjà àti ìwé owó láàmú jù lọ.

## Ohun tí ìlànà náà sọ

Àkọ́kọ́ ni pé Ọjọ́ Ajé ni ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Ọjọ́ Àìkú ni ó sì parí. A fún Ajé ní nọ́ńbà 1, Ìṣẹ́gun ní 2, Ọjọ́rú ní 3, Ọjọ́bọ̀ ní 4, Ẹtì ní 5, Àbámẹ́ta ní 6, Àìkú sì ní 7. Èyí yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ kàlẹ́ńdà tí a ń gbé kọ́ sára ògiri nílé wa, tó fi Ọjọ́ Àìkú síwájú gbogbo ọjọ́ yòókù. Lórí irú kàlẹ́ńdà bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 2026 wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú ọjọ́ 5, bẹ́ẹ̀ lórí ìlànà àgbáyé, ọ̀sẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì wà. Kí ẹ tó ka nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ kankan lójú kàlẹ́ńdà, ẹ wo ọjọ́ tó wà ní ọwọ́ òsì pátápátá.

Èkejì ni pé a kì í gé ọ̀sẹ̀ sí méjì. Ọjọ́ méje ni gbogbo ọ̀sẹ̀ ní, ìbáà jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó bọ́ sí àárín ọdún tàbí èyí tí ọdún tuntun bá lójú ọ̀nà. Níwọ̀n ìgbà tí a kò ti lè gé e, ọdún kan ṣoṣo ni gbogbo ọjọ́ méjèèje gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó wá sọ ọdún tí yóò jẹ́. Ọdún tí Ọjọ́bọ̀ inú ọ̀sẹ̀ náà bá wà ni ó ni ọ̀sẹ̀ náà. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú ọdún bá wà nínú rẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ kìíní. Bí ẹ bá mú ohun kan ṣoṣo kúrò nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ mú èyí, nítorí pé gbogbo ìṣirò tó kù ń ti ara rẹ̀ jáde wá.

## Ìdí tí ó fi jẹ́ Ọjọ́bọ̀

Odindi ọ̀sẹ̀ 52 jẹ́ ọjọ́ 364. Ọdún lásán ní ọjọ́ 365, ọdún tí oṣù Kejì rẹ̀ bá ní ọjọ́ 29 sì ní 366. Ọjọ́ kan tàbí méjì yóò máa ṣẹ́kù lọ́dọọdún, ìdí sì nìyí tí ọjọ́ kìíní ọdún fi ń sún síwájú nínú ọ̀sẹ̀: ó bọ́ sí Ajé ní 2024, ó bọ́ sí Ọjọ́rú ní 2025, ó bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ ní 2026, yóò sì bọ́ sí Ẹtì ní 2027. Nítorí náà, lọ́pọ̀ ìgbà, ìparí ọdún kan àti ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn yóò pàdé láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, a ó sì ní láti pinnu ọdún tí a ó fi ọ̀sẹ̀ náà fún.

Ìlànà náà yàn láti fi í fún ọdún tó bá ní ọjọ́ tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọjọ́ méje kò ṣeé pín dọ́gba, nítorí náà ọdún kan yóò ní ó kéré tán mẹ́rin, èkejì kò sì lè ní ju mẹ́ta lọ. Ẹ wá wo ipò Ọjọ́bọ̀: mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, mẹ́ta tẹ̀ lé e. Bí Ọjọ́bọ̀ bá wà nínú ọdún tuntun, Ẹtì, Àbámẹ́ta àti Àìkú wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó di mẹ́rin. Bí ó bá wà nínú ọdún àná, Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú tó ṣáájú rẹ̀ wà nínú ọdún àná, ó di mẹ́rin bákan náà. Ẹni tó bá wá Ọjọ́bọ̀ rí kò nílò láti máa ka ọjọ́ ní ìkọ̀ọ̀kan mọ́.

Láti inú èyí ni a ti mọ ibi tí ọ̀sẹ̀ kìíní lè sún dé. Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú ọdún kò lè ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, kò sì lè kọjá ọjọ́ 7. Ọjọ́ Ajé máa ń fi ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú Ọjọ́bọ̀, nítorí náà ọ̀sẹ̀ kìíní kò lè bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá, kò sì lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 4 oṣù Kìíní. Ọdún 2026 wà ní òpin àkọ́kọ́ yẹn gan-an, ọdún 2027 yóò sì wà ní òpin kejì. Láàárín méjèèjì ni ọ̀pọ̀ ọdún yòókù wà: ọ̀sẹ̀ kìíní ọdún 2024 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní gan-an, ti 2025 sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2024.

Àǹfààní kékeré kan tún jáde níbẹ̀ tí ó wúlò fún àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù Kìíní kò lè jáde kúrò nínú ọ̀sẹ̀ kìíní láéláé, nínú ọdún yòówù kí ó jẹ́. Bákan náà ni ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá kì í kúrò nínú ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ọdún rẹ̀.

## Bí a ṣe ń ti orí ọjọ́ dé orí nọ́ńbà ọ̀sẹ̀

Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni, ìwé àti gègé sì tó fún un.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni pé kí ẹ wá Ọjọ́bọ̀ tó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan náà pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ní lọ́wọ́. Bí ọjọ́ yín bá jẹ́ Ajé, ẹ fi 3 kún un. Bí ó bá jẹ́ Ìṣẹ́gun, ẹ fi 2 kún un, bí ó bá sì jẹ́ Ọjọ́rú, ẹ fi 1 kún un. Bí ó bá jẹ́ Ẹtì, ẹ yọ 1. Àbámẹ́ta, ẹ yọ 2. Àìkú, ẹ yọ 3. Ìkìlọ̀ kan wà níbí fún àwa tí a gbọ́ Yorùbá. Nínú ìsọ̀rọ̀ wa, a máa ń ka òní mọ́ iye ọjọ́, ìdí nìyí tí a fi ń pe Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ní òní di ọjọ́ mẹ́jọ bí òní bá jẹ́ Ajé. Nínú ìṣirò yìí a kì í ka ọjọ́ tí a ti gbéra mọ́ ọn. Láti Ajé dé Ọjọ́bọ̀ jẹ́ mẹ́ta, kì í ṣe mẹ́rin, láti Ajé dé Ajé sì jẹ́ méje.

Ìgbésẹ̀ kejì ni pé kí ẹ kọ ọdún tí Ọjọ́bọ̀ yẹn wà sílẹ̀. Òun ni ọdún ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ má ṣe wo ọdún tí ọjọ́ tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ wà mọ́ rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni pé kí ẹ mọ ipò tí Ọjọ́bọ̀ náà wà nínú ọdún rẹ̀, bí ẹ bá ka ọjọ́ 1 oṣù Kìíní sí ọjọ́ kìíní. Ẹ yọ 1 kúrò nínú iye náà, ẹ fi 7 pín in, ẹ ju èyí tó ṣẹ́kù nù, kí ẹ sì fi 1 kún èsì. Ohun tí ẹ bá rí ni nọ́ńbà ọ̀sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìwé tó ti Hambọ́ọ̀gì wá dán an wò. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2025. A fi 3 kún un, Ọjọ́bọ̀ rẹ̀ di ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026, ọdún ọ̀sẹ̀ náà sì di 2026. Ọjọ́bọ̀ yìí ni ọjọ́ kìíní nínú ọdún rẹ̀. A yọ 1, ó ku òdo. A fi 7 pín òdo, òdo náà ni. A fi 1 kún un, ó di ọ̀sẹ̀ kìíní. Lórí ìlànà àgbáyé, bí a ṣe ń kọ ọjọ́ náà ni `2026-W01-1`, níbi tí 1 tó gbẹ̀yìn ti dúró fún Ọjọ́ Ajé.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí á mú ìdàkejì rẹ̀. Ká ní awakọ̀ kan gbé àpò kajú dé ilé ìkẹ́rùsí ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2027, tí akọ̀wé sì fẹ́ mọ ọ̀sẹ̀ tí yóò kọ ọ́ sí. Ẹtì ni, nítorí náà a yọ 1, Ọjọ́bọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2026. Ọdún ọ̀sẹ̀ náà jẹ́ 2026, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún tuntun ti wọlé. Ọjọ́bọ̀ yìí ni ọjọ́ 365 nínú ọdún rẹ̀. A yọ 1, ó ku 364. A fi 7 pín in, ó jẹ́ 52 géérégé. A fi 1 kún un, ó di 53. Ọjọ́ kìíní ọdún 2027 wà ní `2026-W53-5`. Ọ̀sẹ̀ kìíní ọdún 2027 kò ní bẹ̀rẹ̀ títí di Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4 oṣù Kìíní.

Ẹ rí i pé ọ̀nà méjèèjì ni aṣọ náà fi ń ya sí àwọn tí kò mọ̀: ọjọ́ oṣù Kejìlá lè jẹ́ ti ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ oṣù Kìíní sì lè jẹ́ ti ọdún tó lọ. Bí ọjọ́ 1 oṣù Kìíní bá bọ́ sí Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀, ọdún tuntun ni yóò fa ọjọ́ díẹ̀ wá láti inú oṣù Kejìlá. Bí ó bá bọ́ sí Ẹtì, Àbámẹ́ta tàbí Àìkú, ọdún àná ni yóò di ọjọ́ díẹ̀ mú nínú oṣù Kìíní. Ọdún tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé nìkan ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kìíní mu, irú rẹ̀ tó tún ń bọ̀ sì ni 2029.

Ní àárín ọdún, kò sí ìṣòro irú èyí, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ kan náà ni. Àbámẹ́ta ni ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2026. A yọ 2, Ọjọ́bọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 12 oṣù náà. Oṣù Kìíní ní ọjọ́ 31, oṣù Kejì ní 28, a fi 12 kún un, ó di ọjọ́ 71 nínú ọdún. A yọ 1, ó ku 70. A fi 7 pín in, ó di 10. A fi 1 kún un, ó di ọ̀sẹ̀ kọkànlá, `2026-W11-6`.

## Bí a ṣe ń ti orí nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ padà sí ọjọ́

Èyí ni akọ̀wé ilé iṣẹ́ kajú nílò gan-an, nítorí pé nọ́ńbà ni oníbàárà fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún tí wọ́n kọ, nítorí pé a ti mọ̀ pé inú ọ̀sẹ̀ kìíní ni ó wà dájúdájú. Ẹ padà sẹ́yìn láti ibẹ̀ títí ẹ ó fi kan Ọjọ́ Ajé. Òun ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kìíní. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ 1 kúrò nínú nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń wá, ẹ fi 7 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì ka iye ọjọ́ yẹn síwájú.

Ní 2026, ọjọ́ 4 oṣù Kìíní bọ́ sí Àìkú. Ajé rẹ̀ wà ní ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn, ìyẹn ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2025, èyí tí a ti mọ̀. Bí oníbàárà bá tún béèrè fún ẹrù kejì ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, a yọ 1 kúrò nínú 10, ó ku 9. 9 lọ́nà 7 jẹ́ 63. Ọjọ́ 63 síwájú láti ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá gbé wa dé Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2026. Ọ̀sẹ̀ náà yóò sì parí ní Àìkú, ọjọ́ 8.

Mo gbà yín níyànjú gidigidi pé kí ẹ kọ ọjọ́ méjèèjì yẹn padà sí oníbàárà nínú ìdáhùn yín, ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, kí ẹ sì béèrè bóyá ohun tí ó ní lọ́kàn nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ayé ló ń ka ọ̀sẹ̀ bákan náà. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ní Àìkú, àwọn kan sì ń pe ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ 1 oṣù Kìíní bá wà nínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ìbáà jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọdún tuntun ní níbẹ̀. Nọ́ńbà kan náà lè tọ́ka sí ọ̀sẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín oníbàárà méjì.

## Lórí kọ̀ǹpútà

Bí ìwé àkọsílẹ̀ yín bá wà nínú Excel, tí ọjọ́ sì wà ní `A2`, iṣẹ́ àṣe tó tẹ̀ lé ìlànà àgbáyé ni `ISOWEEKNUM`, tó wà nínú Excel láti ẹ̀dà 2013. Google Sheets àti LibreOffice náà ní i. Ẹ má ṣe lo `WEEKNUM` láìfi nǹkan kún un, nítorí pé ó ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ní Àìkú, ó sì ń gé ọ̀sẹ̀ sí méjì ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní. Bí ẹ bá fún un ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2025, yóò sọ pé 53. Bí ẹ bá fún un ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kan náà, yóò sọ pé 1.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù ni pé `ISOWEEKNUM` ń fún wa ní nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ nìkan, kò fún wa ní ọdún rẹ̀. Ẹni tó bá fi `YEAR(A2)` mọ́ ọn yóò rí 2025 àti ọ̀sẹ̀ 1 fún ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2025. Ìyẹn ti gbé ẹrù ọjọ́ náà padà sẹ́yìn ní ọdún kan gbáko, ó ti dà á mọ́ ẹrù ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Kọ̀ǹpútà kò ní bínú, kò sì ní fi àmì àṣìṣe kankan hàn. Ohun tí a ṣe pẹ̀lú gègé ni kí a tún ṣe níbí: kí a lọ sí orí Ọjọ́bọ̀ kí a tó béèrè ọdún.

```
=YEAR(A2-WEEKDAY(A2,2)+4)
```

`WEEKDAY(A2,2)` ń fún wa ní nọ́ńbà ọjọ́ láti 1 fún Ajé dé 7 fún Àìkú. Bí a bá yọ ọ́ kúrò lára ọjọ́ tí a sì fi 4 kún un, Ọjọ́bọ̀ ni a ó bọ́ sí nígbà gbogbo. Láti kọ ọ́ pọ̀ bí ìlànà ṣe fẹ́ kí á kọ ọ́, ẹ lo èyí:

```
=YEAR(A2-WEEKDAY(A2,2)+4)&"-W"&TEXT(ISOWEEKNUM(A2),"00")
```

Fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ọ̀fìn kan náà wà níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ mìíràn. Lórí Linux, `%V` ni nọ́ńbà ọ̀sẹ̀, `%G` sì ni ọdún ọ̀sẹ̀. `%Y` ni ọdún kàlẹ́ńdà, kò sì yẹ kí ó bá `%V` jókòó pọ̀.

```
date -d 2025-12-29 +%G-W%V-%u
```

Àṣẹ yìí yóò dáhùn pé `2026-W01-1`. Àṣìṣe tó lòdì sí èyí náà wà, ó sì burú jù ú lọ: kí ènìyàn lo `%G` níbi tí ó ti ń kọ ọjọ́ àti oṣù lásán. Ètò bẹ́ẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ dáadáa láti oṣù Kejì títí di ọ̀sẹ̀ ìparí ọdún, lẹ́yìn náà yóò kọ ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2025 bí ẹni pé ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2026 ni. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ máa fi ọjọ́ méje tó kẹ́yìn oṣù Kejìlá àti ọjọ́ méje àkọ́kọ́ oṣù Kìíní dán gbogbo ètò yín wò, kí ẹ má ṣe fi ọjọ́ òní nìkan dán an wò.

## Bí ẹ ṣe lè rí àṣìṣe nínú ìwé tó ti wà nílẹ̀

Ẹ wá gbogbo ìlà tí ọjọ́ rẹ̀ wà nínú oṣù Kejìlá tí nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 01. Ọdún ọ̀sẹ̀ tí a kọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi kan ju ọdún inú ọjọ́ náà lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wá gbogbo ìlà oṣù Kìíní tí nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 52 tàbí 53. Ọdún ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi kan dín sí ti ọjọ́ náà. Bí ọdún méjèèjì bá bára mu nínú irú ìlà bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ti wọ inú rẹ̀. Ẹni tó ń to ìwé lẹ́sẹẹsẹ nípa ọ̀sẹ̀ yóò tètè rí i pẹ̀lú: ẹrù tí a gbà ní ìparí ọdún yóò jókòó sí òkè pátápátá láàárín ẹrù oṣù Kìíní, ọ̀sẹ̀ kìíní yóò sì wú ju àwọn yòókù lọ.

Ẹ má sì gbàgbé lẹ́tà `W`. Bí ẹ bá kọ `2026-01` lásán, oṣù Kìíní ọdún 2026 ni ìlànà náà yóò kà á sí, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kìíní. Òǹkà méjì ni a sì gbọ́dọ̀ kọ lẹ́yìn `W`, ìyẹn `W01`, kí `W10` má baà ṣáájú `W2` nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń to wọ́n.

## Ọdún tó ní ọ̀sẹ̀ 53

Ọdún 2026 fa ọjọ́ mẹ́ta wá láti inú 2025, ó sì tún di ọjọ́ mẹ́ta mú nínú 2027. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2025 dé ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2027 jẹ́ ọjọ́ 371, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 53. Ọdún ọ̀sẹ̀ 2025 ní 52 péré, láti ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2024 dé ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2025. Ọdún tí ọjọ́ 1 oṣù Kìíní rẹ̀ tàbí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá rẹ̀ bá bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ ni ó máa ń ní ọ̀sẹ̀ kẹtàléláàádọ́ta. Ọdún 2020 ní i, 2026 ní i, èyí tó tún ń bọ̀ sì ni 2032.

Èyí kan owó tààrà. Ká ní ilé iṣẹ́ kajú wa ń di 40 àpò lọ́sẹ̀ kan láìyẹ̀. Ní ọdún ọ̀sẹ̀ 2025 wọn yóò di àpò 2,080, ní 2026 wọn yóò di 2,120. Ẹni tó bá fi àpapọ̀ méjèèjì wéra yóò sọ pé iṣẹ́ ti pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó yí padà nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń sanwó òṣìṣẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ yóò sì san án lẹ́ẹ̀kan sí i ju ti ọdún tó kọjá lọ, ó sì yẹ kí ó ti pèsè owó náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọdún méjèèjì wéra, ẹ fi iye ọ̀sẹ̀ pín àpapọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ fi `W53` sílẹ̀ kí ẹ sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé pé ẹ fi í sílẹ̀.

Nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ dára fún ètò iṣẹ́, ìgbà tí ẹrù yóò dé, àti owó ọ̀sẹ̀. Kò yẹ kí a lò ó fún ìwé owó orí, ìwé àdéhùn tàbí ọjọ́ ìbí, nítorí pé ọdún kàlẹ́ńdà ni àwọn wọ̀nyẹn ń tẹ̀ lé. Nínú ìwé ilé iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí òpó méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ọjọ́ gan-an bí ó ṣe wà, bíi `2025-12-29`, àti ọ̀sẹ̀ rẹ̀, `2026-W01`. Ìwé ìparí ọdún yóò jáde láti inú òpó àkọ́kọ́, ètò ọkọ̀ àti ti oníbàárà yóò sì jáde láti inú èkejì.